Ìdí Tí Olùkọ́ Inú Ẹ̀rọ Fi "Gbàgbé" Ẹ̀kọ́ Àná: Àgbéyẹ̀wò Àkọsílẹ̀ Olùkọ́ Kan fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Òǹkà Yorùbá

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àkọsílẹ̀ kúkúrú kan tí olùkọ́ èdè Yorùbá kọ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdún kejì ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ohun tí ó bí àkọsílẹ̀ náà ni pé olùkọ́ inú ẹ̀rọ, ìyẹn ètò ọgbọ́n àtọwọ́dá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá tàkùrọ̀sọ lórí fóònù, kò mọ nǹkan kan mọ́ nípa ẹ̀kọ́ tí wọ́n jọ ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn bí àlàyé olùkọ́ náà ṣe bá ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà ṣiṣẹ́ mu, ibi tí àlàyé náà mọ, àti ohun tí olùkọ́ mìíràn lè rí lò nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ dá lórí òǹkà láti 40 dé 60. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín ara wọn sí ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń lo fóònù kan. Nígbà tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe 47, ẹ̀rọ náà kọ *méjelélógójì*. Olùkọ́ fa àṣìṣe náà yọ lójú ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nínú ọ̀wọ́ náà wá tẹ òfin tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì sí ẹ̀rọ: fún òǹkà tí ó ju 20 lọ, láti oókan dé ẹẹ́rin ni wọ́n ń lé, láti aárùn-ún dé ẹẹ́sàn-án, wọ́n ń dín in kù lára ẹ̀wá tí ó ń bọ̀ níwájú. Nítorí náà, 47 jẹ́ 50 dín 3, èyí tí í ṣe *mẹ́tàdínláàádọ́ta*. Láti ìgbà náà títí ẹ̀kọ́ fi parí, kò sí èyí tí ẹ̀rọ náà ṣì mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀wọ́ kan náà ṣí fóònù kan náà. Wọ́n béèrè 56, ẹ̀rọ náà sì kọ *mẹ́fàléláàádọ́ta* dípò *mẹ́rìndínlọ́gọ́ta*. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà bínú. Ó ní, "Tíṣà, ṣebí àná ni mo kọ́ ọ? Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ tiwọn le jù. Àwọn ní kí ẹ̀rọ náà kọ ohun tí wọ́n kọ́ lánàá jáde. Ó kọ àkópọ̀ kan tí ó gún régé, tí ó sọ pé òǹkà láti 1 dé 20 ni wọ́n kọ́. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti da àkópọ̀ náà kọ sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kí olùkọ́ tó rí i.

Àkọsílẹ̀ olùkọ́ náà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ náà lẹ àkọsílẹ̀ yìí mọ́ ara ògiri kíláàsì:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sọ pé olùkọ́ inú ẹ̀rọ gbàgbé ẹ̀kọ́ àná. Kò gbàgbé. Ẹni tí ó mọ nǹkan rí ni í gbàgbé. Ẹ̀rọ tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò mọ̀ rárá pé ọjọ́ Ajé wà.

"Ẹ wò ó báyìí. Ká ní olùkọ́ àgbà kan wà tí ó ti ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ohun tuntun kún ohun tí ó ti kà. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ bá a sọ, orí ìwé pelebe kan ni ẹ ó kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá kọ ìbéèrè kan, yóò ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, yóò sì dá a padà fún yín. Bí ẹ bá kọ òmíràn, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ohun tí ó wà lórí ìwé náà ni ó mọ̀ nípa yín. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwé tuntun ni ẹ nà sí i.

"Òfin tí ẹ kọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé wà lórí ìwé ọjọ́ Ajé. Kò wọ inú orí rẹ̀. Nítorí náà, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tí kò kọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ẹ ṣe lánàá. Bí kò tilẹ̀ sí lórí ìwé, ó lè kọ ohun tí ó jọ òótọ́. Ìwé yín ni kí ẹ bi. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni ẹ ó máa sọ ohun tí ẹ ṣe lánàá fún un kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

Ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe "gbàgbé"

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lò ni olùkọ́ náà kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú èdè Yorùbá, *gbàgbé* ní ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá nínú. Òwe tí ó sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré fi èyí hàn dáadáa: ẹni tí òwe náà ń bá wí mọ ọ̀rọ̀ àná, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò sí ní ibi ìpàdé kì í gbàgbé ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Kò gbọ́ ọ ni. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé ẹ̀rọ *gbàgbé*, èrò méjì ni ó ń gbé wọlé láìmọ̀. Èkíní ni pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ ẹ̀rọ náà lára rí. Èkejì ni pé bí ó bá tún kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò dúró. Irọ́ ni èrò méjèèjì.

Ohun tí ó wà nídìí èyí ni pé ìmọ̀ ẹ̀rọ náà wá láti ibi méjì tí kò pàdé ara wọn. Ibi kìíní ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn tí ó ṣe é fún un kí wọ́n tó gbé e jáde. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ lọ jàra ni wọ́n fi tún àwọn òǹkà tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe, òǹkà tí ó máa ń tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, títí tí ó fi mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí, àwọn òǹkà wọ̀nyí dúró sí ojú kan. Ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kì í yí wọn padà. Ibi kejì ni ojú ewé ìtàkùrọ̀sọ fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìbéèrè ránṣẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n ti jọ sọ lórí ojú ewé náà ni fóònù tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ètò náà tún fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, kì í ṣe ìbéèrè tuntun náà nìkan. Àpèjúwe ìwé pelebe tí olùkọ́ náà lò bá èyí mu régérégé.

Èyí ni ó ṣàlàyé ìdí tí àṣìṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi jẹ́ ẹ̀dá àṣìṣe ọjọ́ Ajé. *Mẹ́fàléláàádọ́ta* àti *méjelélógójì* wá láti orísun kan náà: lílé nìkan ni ẹ̀rọ náà ń lò, bí ọ̀pọ̀ èdè àgbáyé ti ń ṣe, kò dín. Òfin tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà tẹ̀ borí ìtẹ̀sí yìí níwọ̀n ìgbà tí òfin náà wà lójú ewé. Bí ojú ewé ti yí padà, ìtẹ̀sí náà padà sí ipò rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan lè lo ìtàkùrọ̀sọ àwọn ènìyàn láti fi dá ẹ̀dà tuntun lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìrántí akẹ́kọ̀ọ́ kan pàtó, kò sì lè wúlò fún ẹ̀kọ́ ọ̀la.

Ibi tí àlàyé náà mọ: àyè tí ẹ̀rọ lè kà

Àkọsílẹ̀ náà kò sọ pé ìwé pelebe náà ní ìwọ̀n. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí, nítorí pé ó máa ń mú kí ẹ̀rọ pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láàárín ẹ̀kọ́ kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ojú ewé tuntun. Ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní tókìn ni wọ́n fi ń wọn àyè náà. Tókìn kan lè jẹ́ odidi ọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀. GPT-3 tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní ọdún 2020 lè ka tókìn 2,048 lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, GPT-4 Turbo ti ilé-iṣẹ́ kan náà lè ka 128,000. Àyè náà ti fẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ètò kan tí wọ́n ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ máa ń dín in kù láti fi owó pamọ́. Wọn a máa fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn nìkan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Lẹ́tà *o* gba báìtì 1. Ṣùgbọ́n *ọ̀* gba báìtì 5, mẹ́ta fún *ọ* àti méjì fún àmì ohùn. Fún ìdí èyí, *ọgbọ̀n* gba báìtì 11, nígbà tí *ogbon* tí kò ní àmì gba 5. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló jẹ́ pé báìtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìgékúrú ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń so àwọn báìtì tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn pọ̀ di tókìn kan. Nítorí pé Yorùbá kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń gé sí wẹ́wẹ́ ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Yorùbá ṣe máa ń tètè kún àyè náà.

Èyí kì í ṣe ìdí láti yọ àmì ohùn kúrò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ *ogbon*, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ bóyá *ọgbọ̀n* tí í ṣe 30 ni, tàbí *ọgbọ́n* tí í ṣe ìmọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ òǹkà, àdánù yẹn ju àǹfààní àyè lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kúrú, kí ó sì dá lórí kókó kan.

Ọ̀nà tí olùkọ́ fi lè dá oríṣi àdánù méjèèjì mọ̀ rọrùn. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ láti ìbéèrè àkọ́kọ́, ojú ewé tuntun ni. Kí wọ́n wo àkójọ ìtàkùrọ̀sọ àtijọ́ nínú ètò náà. Bí ojú ewé ọjọ́ Ajé bá ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i, òfin náà yóò tún ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́ tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣìṣe tí wọ́n ti tún ṣe rí, ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé ti jáde kúrò nínú àyè. Kí wọ́n tún òfin náà tẹ̀. Bí àṣìṣe náà bá dáwọ́ dúró, ó jọ pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ìrántí tí kò sí

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀wọ́ kejì ni ewu tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àṣìṣe 56 hàn sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ òfin. Àkópọ̀ irọ́ kò hàn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ni láti kọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀lé èyí tí ó ṣáájú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì bá béèrè àkópọ̀ ẹ̀kọ́ àná lórí òǹkà, ohun tí ó jọ àkópọ̀ ẹ̀kọ́ òǹkà ni yóò jáde, nítorí pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ti gbà pé ẹ̀kọ́ kan wáyé. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń sọ pé àwọn kò ní àkọsílẹ̀ àná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìdánilójú pé wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n da àkópọ̀ náà kọ kò ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn bi. Bí olùkọ́ kò bá rí ìwé wọn, òǹkà 1 dé 20 ni wọn ìbá kà sílẹ̀ fún ìdánwò tí ó dá lórí 40 dé 60. Ìdí nìyí tí gbólóhùn "Ìwé yín ni kí ẹ bi" fi jẹ́ gbólóhùn tí ó wúlò jù nínú àkọsílẹ̀ náà.

Ó yẹ kí wọ́n fi àlàyé kan kún un. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni OpenAI ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìrántí wò nínú ChatGPT. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó lè tọ́ka sí àwọn ìtàkùrọ̀sọ àtẹ̀yìnwá. Ìrántí irú èyí kò yí ìmọ̀ inú ẹ̀rọ padà. Ètò náà ń ṣa kókó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí ìta ẹ̀rọ, ó sì ń fi wọ́n sí òkè ìwé pelebe tuntun kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣà. Síwájú sí i, orúkọ ìwọlé ni ó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ènìyàn. Níbi tí ọ̀wọ́ mẹ́ta ti ń lo fóònù kan, àṣìṣe ọ̀wọ́ kan lè di ohun tí ẹ̀rọ "rántí" nípa òmíràn.

Ìwé ìsopọ̀ ẹ̀kọ́

Àtúnṣe tí olùkọ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó kẹ́yìn kọ ìwé kúkúrú sínú ìwé wọn pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Òun ni wọn yóò tẹ̀ sí ojú ewé tuntun ní ọjọ́ kejì kí ìbéèrè kankan tó wáyé. Èyí tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ kọ lọ báyìí:

"Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni wá. Òǹkà láti 40 dé 60 ni a ń kọ́. Òfin wa: tí òǹkà bá ju 20 lọ, 1 dé 4 ni à ń lé, 5 dé 9 ni à ń dín kù lára ẹ̀wá tí ó ń bọ̀. Àpẹẹrẹ: 44 ni mẹ́rìnlélógójì, 47 ni mẹ́tàdínláàádọ́ta. A mọ lílé. Dídín ni ó ń ṣòro fún wa. Ẹ bi wá ní ìbéèrè márùn-ún lórí dídín, kí ẹ má sì sọ ìdáhùn kí a tó gbìyànjú."

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú ìwé yìí: ẹni tí wọ́n jẹ́, òfin pẹ̀lú àpẹẹrẹ lílé kan àti ti dídín kan, ibi tí ó ń ṣòro, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe. Àpẹẹrẹ méjì náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹ̀rọ máa ń tẹ̀lé àpẹẹrẹ dáadáa ju òfin tí ó dá dúró lọ. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, olùkọ́ ní kí wọ́n dán ẹ̀rọ wò pẹ̀lú òǹkà mẹ́ta tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n lo 54, 56 àti 68. Bí ó bá kọ *mẹ́rìnléláàádọ́ta*, *mẹ́rìndínlọ́gọ́ta* àti *méjìdínláàádọ́rin*, ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀. 68 wà níbẹ̀ nítorí pé kò sí láàárín 40 àti 60. Ó ń fi hàn bóyá òfin ni ẹ̀rọ ń lò tàbí àpẹẹrẹ nìkan ni ó ń tẹ̀lé. Bí ó bá ṣi ọ̀kan, wọn yóò fi àpẹẹrẹ kan kún ìwé náà, wọn yóò sì tún dán an wò. Bí ó bá tún ṣì í, wọn yóò pa fóònù, olùkọ́ yóò sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé àlàyé olùkọ́ náà tọ̀nà ní kókó rẹ̀: ojú ewé tuntun kò ní ẹ̀kọ́ àná nínú, ìtàkùrọ̀sọ kì í sì í yí ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ padà. Ohun tí ó ku kí wọ́n fi kún un ni ìwọ̀n àyè àti ọ̀rọ̀ ìrántí tí ètò kan ń ṣà pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó bínú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó kọ ìwé ìsopọ̀ ti ọ̀wọ́ rẹ̀. Láti lè kọ ọ́, ó ní láti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ òfin dídín, kí ó sì wá àpẹẹrẹ tí ó bá a mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n da àkópọ̀ irọ́ kọ fa ìlà lé e, wọ́n sì lọ yá ìwé ẹlẹgbẹ́ wọn láti fi kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé bí ó ti rí gan-an.